Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tẹ owó fún ẹnikẹ́ni: bọ́ǹdì ni wọ́n rà

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wátsáàpù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni. Wọ́n ní láti 2009 títí di 2021, òyìnbó tẹ owó tó tó £895 bílíọ̀nù, wọ́n kó o fún àwọn báńkì kí wọ́n lè rí i yá aráàlú, ọjà wọn kò sì dàrú. Ṣùgbọ́n tí Nàìjíríà bá tẹ tirẹ̀, gbogbo ayé á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí wákàtí kan tó pé, ó lé ní ogún èèyàn tó ti gbé àtàǹpàkò sókè sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo ti gbọ́ ọ níbi ìsìnkú, mo gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ takisí tó ń gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo dá wọn lóhùn ní ìlà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ náà, ìlà mẹ́ta kò sì tó.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, akọ̀wé kékeré ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ fi ń yá owó, bọ́ǹdì náà kúrò nínú ìwé wa, owó rẹ̀ sì wọlé, kò gbọdọ̀ ku pẹ́nì kan. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní owó títẹ̀ yẹn, ọwọ́ mi ló gbà kọjá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2009, Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gé èlé rẹ̀ wá sí pásẹ́ńtì 0.5. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tó tún lè gé e dé mọ́. Èlé yìí kan náà ni ti owó tí àwọn báńkì ń fi pamọ́ síbẹ̀ mọ́jú. Owó ọjọ́ kan ló mú rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ kò yá owó ọjọ́ kan, ẹni tó fẹ́ ra ilé kò yá owó ọjọ́ kan. Owó ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́wàá, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ń yá, èlé irú owó bẹ́ẹ̀ sì ṣì le. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kéde lọ́jọ́ yẹn kan náà pé àwọn máa ra bọ́ǹdì tó tó £75 bílíọ̀nù. Òun ni gbogbo èèyàn wá ń pè ní Kíú Íì. Gílìtì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rà, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ 11 oṣù kan náà ni wọ́n ṣe èyí àkọ́kọ́, wọ́n ra ti £2 bílíọ̀nù. Gbàǹjo ni, àmọ́ gbàǹjo tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn: ẹnìkan ṣoṣo ló ń rà, àwọn tó fẹ́ tà ló ń bára wọn dije, ẹni tí iye tirẹ̀ bá wọ́n ju ti ọjà lọ á gbé gílìtì rẹ̀ padà sílé. Mo rántí ọ̀gá wa kan lọ́sẹ̀ wọ̀nyẹn, fóònù méjì ló wà létí rẹ̀. Oníṣòwò gílìtì wà lórí ọ̀kan, òun ló máa bá wa gbé iye wa dé gbàǹjo. Ẹni tó ń ṣírò fún wa pé gílìtì wo la lè fi sílẹ̀ wà lórí èkejì. Báńkì Àpapọ̀ kò lọ bá ìjọba tààrà. Ọwọ́ àwọn bíi tiwa, tó ti ra gílìtì náà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ló ti ń rà á.

Ẹ wo bí owó náà ṣe ń rìn. Ká ní a ta gílìtì tó tó £50 mílíọ̀nù. Gílìtì náà jáde kúrò nínú ìwé wa, ó wọ ìwé Báńkì Àpapọ̀. Báńkì Àpapọ̀ wá kọ £50 mílíọ̀nù sínú àpò tí báńkì wa ní lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rìsáàfù. Báńkì wa náà kọ £50 mílíọ̀nù sínú àkáǹtì wa. Ó parí. Àwa tí a ní gílìtì £50 mílíọ̀nù láàárọ̀, a ní owó £50 mílíọ̀nù lálẹ́. Báńkì wa gba rìsáàfù £50 mílíọ̀nù, ó sì jẹ wá ní £50 mílíọ̀nù kan náà, nítorí ìgbàkígbà tí a bá fẹ́ la lè gbé e. Níbo ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún báńkì wà? Mo wá a nínú ìwé tí èmi fúnra mi ń kọ, mi ò rí i.

Mi ò ní purọ́ fún yín: owó tuntun ni. Báńkì Àpapọ̀ kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn fúnra wọn kò sì fi pamọ́. Ibẹ̀ ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n parí sí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń tẹ bébà. Ní 2021, nígbà tí ohun tí wọ́n rà ti dé £895 bílíọ̀nù, gbogbo owó bébà tó wà lọ́wọ́ aráàlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, látorí £5 dé £50, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn. Bó bá ṣe pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, kí ni wọ́n ṣe èyí tó kù?

Àwọn báńkì kò sì lè gbé rìsáàfù fún oníbàárà. Inú ìwé Báńkì Àpapọ̀ nìkan ló ń gbé, báńkì kan lè fi san gbèsè fún báńkì mìíràn, kò lè jáde lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí báńkì bá yá yín lówó ilé, ńṣe ló máa kọ iye náà sínú àkáǹtì yín ní tuntun. Kò lọ ṣí àpótí kan láti bu rìsáàfù fún yín. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Báńkì Àpapọ̀ fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ní 2014.

Tí kì í bá ṣe pé wọ́n kó owó fún báńkì kí wọ́n rí i yá wa, báwo wá ni ríra bọ́ǹdì ṣe ń mú kí èlé rọlẹ̀? Orí iye bọ́ǹdì ló wà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò.

Ẹ mú gílìtì kan tó ku ọdún mẹ́wàá kó parí. Ìjọba ti ṣe àdéhùn pé òun á máa san £4 lọ́dọọdún fún ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, lọ́jọ́ tó bá sì parí, òun á san £100. Àdéhùn yẹn kò ní yí padà láé. Tí ẹ bá rà á ní £100, èrè yín jẹ́ pásẹ́ńtì 4 lọ́dún, kò sí wàhálà. Ẹ wá jẹ́ ká ní ẹnìkan tó lówó gan-an dé sọ́jà, ó ń ra irú gílìtì yìí lójoojúmọ́, iye rẹ̀ sì gòkè dé £108 àti pẹ́ńsì 53. Ẹni tó bá rà á ní iye yẹn á ṣì máa gba £4 lọ́dún, £40 ní ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n £100 náà ni wọ́n máa fún un níkẹyìn, nítorí náà ó ti pàdánù £8 àti pẹ́ńsì 53 nínú owó tó fi rà á. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, èrè rẹ̀ ti di pásẹ́ńtì 3 lọ́dún. Ìjọba kò yí ohunkóhun padà nínú àdéhùn rẹ̀. Iye ló gòkè, èrè ló wálẹ̀.

Bó ṣe wálẹ̀ yẹn ló kan gbogbo ẹni tó fẹ́ yá owó. Nígbà tí ìjọba bá tún fẹ́ ta gílìtì tuntun fún ọdún mẹ́wàá, kí ló máa mú un san pásẹ́ńtì 4 nígbà tí àwọn èèyàn ń gba pásẹ́ńtì 3 lórí ti àtijọ́? Pásẹ́ńtì 3 náà ló máa san. Ilé iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ ta bọ́ǹdì tirẹ̀, orí èrè gílìtì ni wọ́n ti máa ń ka èlé tirẹ̀, wọ́n á kàn fi díẹ̀ lé e nítorí pé ilé iṣẹ́ lè kógbá sílé, kò rí bíi ti ìjọba. Báńkì tó fẹ́ ṣe mọ́gèèjì tí èlé rẹ̀ kò ní yí padà fún ọdún márùn-ún, ó gbọ́dọ̀ wo iye tí owó ọdún márùn-ún ń lọ lọ́jà kó tó dá iye fún yín, èrè gílìtì sì ni ọjà yẹn máa ń tẹ̀ lé. Okùn kan náà ló so gbogbo wọn pọ̀.

Ohun kejì ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Lẹ́yìn tí a ta gílìtì wa, owó jókòó sínú àkáǹtì wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú èlé kankan wá. Ilé iṣẹ́ tó máa san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn èèyàn fún ogójì ọdún kò lè fi owó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ọ̀gá ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra bọ́ǹdì àwọn ilé iṣẹ́. Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn adójútòfò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe rọ́ lọ síbẹ̀, iye bọ́ǹdì ilé iṣẹ́ gòkè, èlé tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń yá owó wálẹ̀. Ọ̀nà tí Báńkì Àpapọ̀ fẹ́ kó gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yá owó nìyí: kó mú gílìtì kúrò lọ́wọ́ wa, kí àwa fúnra wa lọ wá nǹkan mìíràn rà.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta yẹn ló ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde, wọn kò tíì ra ẹyọ kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí gbàǹjo àkọ́kọ́ tó wáyé, wọn kò tíì kọ pẹ́nì kan sínú rìsáàfù ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ èrè gílìtì já wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa, àwọn èèyàn dìde lórí àga wọn. Nítorí kí ni? Nítorí pé gbogbo ẹni tó ní gílìtì ti mọ̀ pé olùrà ńlá ń bọ̀, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ tà á ní iye àná. Ẹ̀yin tó ń sọ pé owó tí wọ́n tẹ̀ ló mú èlé rọlẹ̀, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi: owó wo? Nígbà tí àwọn onímọ̀ Báńkì Àpapọ̀ ṣírò ipa £200 bílíọ̀nù àkọ́kọ́, bí èrè gílìtì ṣe ń ṣe lẹ́yìn ìkéde kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wò, wọ́n sì rí i pé gbogbo rẹ̀ mú èrè náà wálẹ̀ ní nǹkan bíi pásẹ́ńtì kan.

Mo lè mú tèmi fúnra mi wá. Ní ìparí 2009 mo ṣe mọ́gèèjì mi fún ọdún márùn-ún, pásẹ́ńtì 5.6 ni wọ́n dá lé mi. Ní ìparí 2014 mo tún un ṣe fún ọdún márùn-ún mìíràn, pásẹ́ńtì 3.4 ni. Lórí £150,000 tó kù lọ́rùn mi nígbà náà, ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ nǹkan bíi £3,300 lọ́dún. Ẹ wá wò ó: èlé Báńkì Àpapọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, 0.5 kan náà ni, kò yí padà rárá láti 2009 títí di 2016. Ohun tó yí padà ni èrè àwọn bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn, lẹ́yìn tí ríra náà ti gòkè láti £200 bílíọ̀nù dé £375 bílíọ̀nù ní 2012. Mo gbà pé ọrọ̀ ajé tó dákú nígbà náà wà níbẹ̀, ètò kan tí wọ́n fi ń yá àwọn báńkì lówó pọ́ọ́kú láti 2012 náà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ni ti Kíú Íì. Ó dáa, mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà pé ṣebí ọ̀wọ́n gógó dé pásẹ́ńtì 11.1 ní oṣù Kẹwàá 2022, ìyẹn ni èrè owó títẹ̀. Ó gba ọdún mẹ́tàlá kí èrè náà tó jáde ni? Lẹ́yìn £375 bílíọ̀nù, ní 2015, ọ̀wọ́n gógó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ òdo, kódà oṣù kan wà tí iye ọjà wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará Japáànù ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 2001, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ìṣòro tó ń bá wọn fínra ni pé iye ọjà kò gòkè. Ní 2022, ogun Yukiréènì ti mú gáàsì gbówó lórí, àwọn ẹrù ṣì ń há sójú òkun. Bóyá wọ́n pẹ́ jù lórí ríra ti 2021, àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀, mi ò lè búra pé kò dá kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun nìkan ló fà á kò wo 2015.

Ibi tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń fi èyí wé Nàìjíríà. Ohun tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe kì í ṣe Kíú Íì. Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Wéèsì àti Míìnsì. Òfin báńkì náà ti 2007 ní kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Ní 2023, nígbà tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i kí wọ́n sọ ọ́ di bọ́ǹdì, ó ti di ₦22.7 tírílíọ̀nù. Kò sí gbàǹjo níbẹ̀, kò sí gílìtì tí ẹnikẹ́ni kó wá. Ìjọba kàn sọ iye tó fẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀, ó sì ná an: owó oṣù, agbaṣẹ́ṣe, èlé gbèsè. Owó yẹn bọ́ sígboro lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́. Kò mú èlé ẹnikẹ́ni rọlẹ̀; ẹ bi oníṣòwò ní Bálógun iye tí báńkì ń dá lé e. Tiwa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó ta gílìtì kò rí owó kún owó, ó kàn pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jèrè níbẹ̀, nítorí ó rí owó yá ní èlé kékeré. Síbẹ̀ ọjà ló ti yá a, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa rà á.

Báńkì Àpapọ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì lè yí Kíú Íì padà, èyí tí owó tó ti bọ́ sígboro kì í gbà. Láti oṣù Kejì 2022, gílìtì tó bá parí lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀, wọn kò fi owó rẹ̀ ra òmíràn mọ́. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n padà sọ́jà. Ẹni tó bá rà á á san owó, rìsáàfù á sì parẹ́ kúrò nínú ìwé bó ṣe dé. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2025, bọ́ǹdì tó wà lọ́wọ́ wọn ti sọ̀kalẹ̀ láti £895 bílíọ̀nù wá sí nǹkan bíi £558 bílíọ̀nù. Wọ́n sì ń pàdánù owó gidi lórí rẹ̀, nítorí wọ́n ra púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó wọ́n, wọ́n ń tà á nígbà tó ti rẹlẹ̀; àpò ìjọba ló ń di àlàfo yẹn, owó orí tèmi sì wà níbẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ bínú sí Kíú Íì, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, màá bá wọn bínú.

Ní ìparí 2024 mo tún mọ́gèèjì mi ṣe. Pásẹ́ńtì 4.5 ni wọ́n dá lé mi. Nígbà tí mo bi ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣe ìwé pé kí ló dé tó fi ga tó bẹ́ẹ̀, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó sì fi ìka han iye tí ọdún márùn-ún ń lọ lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.